Bàbá tí kò dá mi mọ̀ mọ́ lọ́jọ́ Ajé: ìrírí àwa tí a ń bá àgbàlagbà gbélé

Abánigbélé, Ìbàdàn
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ bíbá àgbàlagbà gbélé. N kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Mo ń jókòó ti ẹni tí àwọn ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun, mo ń ka ìwé ìròyìn sí i létí, mo ń bá a rìn dé ẹnu géètì, mo sì ń kọ ohun tí mo bá rí sínú ìwé kan. Ọ̀rọ̀ ìwé yẹn ni mo bá wá.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni Bàbá kan tí mo ń lọ bẹ̀ wò ní Bódìjà, wọ́n ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni mo ń lọ. Lọ́jọ́ Ajé kan, bí mo ṣe wọlé, orúkọ àbúrò wọn tó ti kú ni wọ́n fi ń pè mí. Wọ́n ń tòògbé láàárín ọ̀rọ̀, nígbà tó yá wọ́n ń wá tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin. Ọmọ tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ilé ní ogbó ni, aládùúgbò kan sì ti ń dárúkọ ayé.

Mo ṣí ìwé. Ife omi márùn-ún tàbí mẹ́fà ni Bàbá máa ń mu lóòjọ́, ṣùgbọ́n láti Ọjọ́bọ̀, méjì péré ni ọmọ náà sàmì sí. Mo bi í léèrè, ó ní gílóòbù ilé ìwẹ̀ ló jó. Ẹ̀rù àtiṣubú lóru ló mú kí Bàbá pa omi tì lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, bẹ́ẹ̀ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó máa ń mú èèyàn tọ̀ ni wọ́n ń lò láràárọ̀. Mo pe àkọ́bí wọn, a sì gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Wọ́n yẹ ìtọ̀ wò, wọ́n rí àkóràn, omi ara sì ti dínkù. Nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, Bàbá ti ń bá mi jiyàn òṣèlú.

A pààrọ̀ gílóòbù, a gbé póò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, a sì ń rí i pé wọ́n ti mu èyí tó pọ̀ nínú omi wọn kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù.

Ìyá Ìbejì
Mo ti máa ń sọ ọ́ pé omi ni! Ẹ fi ìka fa awọ ẹ̀yìn ọwọ́ wọn sókè. Bí kò bá tètè padà, ẹ fún wọn ní odindi ìgò ńlá méjì kí wọ́n mu ún tán.

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Ìyá Ìbejì, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yín, ṣùgbọ́n awọ àgbàlagbà ti dẹ̀, kì í tètè padà bí omi tilẹ̀ wà lára wọn. Ẹ wo ahọ́n bóyá ó gbẹ, kí ẹ sì wo àwọ̀ ìtọ̀. Ẹni tó ní àìsàn ọkàn tàbí ti kíndìnrín, dókítà lè ti dín omi rẹ̀ kù, nítorí náà ẹ má fi tipátipá fún un. Ẹ má sì dá oògùn ẹnikẹ́ni dúró fúnra yín.

Àbúrò Abánigbélé, ohun tí o rí tọ̀nà. Ìgbàgbé ọjọ́ ogbó ń wọlé díẹ̀díẹ̀ fún oṣù tàbí ọdún. Èyí tó dé láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta, tó ń lọ tó ń bọ̀, àìsàn kan ló sábà ń wà nídìí rẹ̀. Èmi a máa ní kí wọ́n ka ọjọ́ ọ̀sẹ̀ sẹ́yìn fún mi. Bí ẹni tó ń kà á geere lọ́sẹ̀ tó kọjá bá ń sọnù sójú ọ̀nà, mi ò ní dúró di ọ̀la.

Àlàbí
Ẹ̀yin ará, èló ni ẹ ń gbà láti fọ aṣọ? Màmá mi wà l'Óṣogbo.

Abánigbélé, Ìbàdàn
Ẹ̀gbọ́n Àlàbí, alágbàfọ̀ ni ẹ ń wá, n kì í ṣe ìyẹn. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, a máa ń kọ ohun tí mo máa ṣe sílẹ̀, kí iṣẹ́ ilé má baà gba wákàtí tí mo fẹ́ fi bá Màmá sọ̀rọ̀.

Ọmọ Màmá, Lọ́ńdọ̀nù
Èmi ni mo ń san owó fún ẹni tó ń bá màmá mi gbélé. Wọ́n ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, Màmá ní kó má sọ fún mi, kò sì sọ. Ta ló gbà á síṣẹ́ gan-an, èmi tàbí Màmá?

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Ìṣubú kò ṣeé fi pamọ́. Kí ó sọ fún Màmá lójú ara wọn pé òun yóò sọ.

Abánigbélé, Ìbàdàn
Mo gbà fún ìṣubú. Ṣùgbọ́n Bàbá tèmi ti bẹ̀ mí pé kí n má kọ ọ́ sínú ìwé tí àwọn ọmọ ń kà pé àwọn tọ̀ sára. Mo fi àmì kan rọ́pò rẹ̀, èmi àti Bàbá nìkan la mọ ìtumọ̀ rẹ̀. N ò tíì mọ̀ bóyá mo ṣe é re.