Àsọtẹ́lẹ̀ tí gbogbo ìlú ṣì gbọ́: báwo ni kí n ṣe parí ìtàn yìí tí òǹkàwé ò fi ní bínú?

Òǹkọ̀wé Tuntun
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ìtàn àròsọ kan ni mo ń kọ, ìlú inú rẹ̀ ń jẹ́ Agbédé. Láti orí kẹfà ni ogun ti dó ti ìlú náà, bodè wà ní títì, ebi sì ń pa wọ́n. Kí ogun tó dé, awo ààfin ti dífá fún ìlú, ó ní:

*Ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ̀lú*
*Ni yóò ṣí ilẹ̀kùn tí ogun tì.*
*Lọ́jọ́ tó bá ṣí i, ọba á ṣí adé lórí.*

Ọmọ ọba kan wà tó ń jẹ́ Abíọ́nà. Ọ̀nà oko ni olorì bí i sí, wọ́n sì gbé e wọ̀lú. Gbogbo ìlú gbà pé òun ni. Wọ́n kọ́ ọ ní ìjà, àgbà ń dọ̀bálẹ̀ fún un láti kékeré, wọ́n sì gbà pé tó bá ṣẹ́gun tán ni ọba á bọ́ adé lé e lórí. Àmọ́ níkẹyìn, òun kọ́ ló ṣílẹ̀kùn. Àbẹ̀ní ni, ẹrúbìnrin tó ń fún epo lẹ́yìn ààfin. Nígbà tí wọ́n mú un lẹ́rú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ṣẹ́, èjìká ni wọ́n gbé e kọ́ wọ̀lú.

Mo fún ọ̀rẹ́ méjì kà. Ọ̀kan ní mo yan òun jẹ, pé ibo ni Àbẹ̀ní ti yọ wá? Ìkejì ní òun ti mọ̀ ọ́n láti orí kejì. Ọ̀rọ̀ ta ni kí n gbà?

Túndé Alátakò
Má dá ẹni tó ní òun ti mọ̀ lóhùn, ṣùgbọ́n rí i pé ẹlòmíì ò tún mọ̀. Yọ Àbẹ̀ní kúrò nínú orí kìíní títí dé ogún. Jẹ́ kó já lù wọ́n lójijì bí àrá. Bí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n, kí ló tún kù?

Màmá Ìbejì
Ẹ ṣeun tí ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí wá o. Wòlíì kan sọ fún mi nígbà tí mo lóyún pé ọmọ tó ń bọ̀ á gbé ìdílé ga. Ìbejì ni mo bí. Táyé ló mọ̀wé, Kẹ́hìndé ò fẹ́ ríwèé sójú, àmọ́ òun ló ń bá mi tà lọ́jà. Gbogbo owó ilé ẹ̀kọ́ orí Táyé ni bàbá wọn ń ná a lé. Ṣé èmi náà ti ṣì í gbọ́ ni?

Olùkọ́ Àgbà
Màmá, ẹ kú ìtọ́jú. Ìtàn àròsọ ni àbúrò wa ń bi wá léèrè o. Àmọ́ ẹ ti sọ ohun kan tó ṣe pàtàkì: ẹnì kan wà nínú ilé yín tó fẹ́ kó jẹ́ Táyé. Ẹ jẹ́ kí n padà síbẹ̀.

Túndé, ìmọ̀ràn rẹ gan-an ló ṣe ọ̀rẹ́ kìíní báyìí. Òǹkàwé kì í bínú pé wọ́n tan òun. Ohun tó ń bí i nínú ni kó padà ka ìwé náà kó má rí ibi tó yẹ kí òun ti mọ̀. Ẹ wo ìtàn Kírésù, ọba Lídíà, bí Hẹrodótù, òpìtàn Gíríìkì, ṣe sọ ọ́. Ó ránṣẹ́ lọ sí Dẹ́lífì, ojúbọ àwọn Gíríìkì tí wọ́n ti ń sọ àsọtẹ́lẹ̀, pé ṣé kí òun gbógun ti Páṣíà. Wọ́n ní tó bá lọ, yóò pa ìjọba ńlá kan run. Ó lọ. Ìjọba tirẹ̀ ló parun, ní nǹkan bí ọdún 546 ṣáájú ìbí Kristi. Nígbà tó wá ránṣẹ́ lọ bá wọn jà, wọ́n ní kí ló dé tí kò béèrè ìjọba èwo?

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni èkejì. Ó béèrè pé ṣé ìjọba òun á pẹ́. Wọ́n ní kó má bẹ̀rù àfi lọ́jọ́ tí ìbaaka bá jọba Médíà. Ó rẹ́rìn-ín, ta ló rí ìbaaka lórí ìtẹ́ rí? Kírúsì, ọba Páṣíà tó gba Médíà tó sì ṣẹ́gun rẹ̀, ni ìbaaka náà, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọba Médíà, tí bàbá rẹ̀ sì jẹ́ ará Páṣíà tí ipò rẹ̀ kò tó ti ìyá: ọmọ ẹ̀yà méjì, bí ìbaaka ṣe jẹ́ ọmọ ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú àsọtẹ́lẹ̀ náà tí kò bá a mu. Nǹkan tí wọ́n fi ń wọn irú ìparí yìí nìyẹn: bí ìtumọ̀ kejì bá jáde, kó gba gbogbo ọ̀rọ̀ wọlé ju ti àkọ́kọ́ lọ. Tirẹ ń gbìyànjú. Wọ́n gbé Abíọ́nà wọ̀lú lóòótọ́, àmọ́ ọmọ ọwọ́ wo ló ń rìn? Ẹni tó lẹ́sẹ̀ tí kò lè lò ó ni gbólóhùn yẹn bá wí.

Ní ti ọ̀rẹ́ kejì, sọ fún wa: níbo gan-an ló ti mọ̀ ọ́n?

Òǹkọ̀wé Tuntun
Ní orí kejì, Àbẹ̀ní jókòó ti ìkòkò epo, mo wá kọ ọ́ pé: “Àbẹ̀ní wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wọ́. Ó rántí pé orí èjìká ni òun wà lọ́jọ́ tí òun wọ ìlú yìí.” Ibẹ̀ ni ìpínrọ̀ náà parí sí.

Olùkọ́ Àgbà
Áà! O gbé e sí ìparí ìpínrọ̀, ibi tí ojú ti ń sinmi, o tún jẹ́ kó máa dá ronú. Bí ìgbà tí èèyàn bá fi agogo sí i lọ́rùn ni. Gbé ọ̀rọ̀ náà sáàárín ìjà. Jẹ́ kí òun àti ìyá tó ń ra epo máa fa ìgò tí kò kún mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ìyá ní kó lọ fi ẹjọ́ sun ní ìlú rẹ̀, kí Àbẹ̀ní fi ìbínú dáhùn pé, “Èmi tí orí èjìká ni mo wà, tí mi ò mọ ọ̀nà tí wọ́n gbà mú mi wọlé? Ẹ dá ìgò mi padà!” Kí ìjà máa lọ. Ìgò ni òǹkàwé á máa wò.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ Màmá Ìbejì. Ta ló kọ́kọ́ sọ pé Abíọ́nà ni? Bó bá jẹ́ pé gbogbo ìlú kàn gbà bẹ́ẹ̀, òmùgọ̀ ni gbogbo wọn, ìtàn rẹ á sì fúyẹ́. Wá ẹni tó máa jèrè ẹ̀. Ká ní àwọn afọbajẹ ò fẹ́ ọmọ olorì yẹn lórí oyè, tí olorì wá fún àwọn arọ́kin ní nǹkan kí wọ́n fi àsọtẹ́lẹ̀ náà kọrin, kí wọ́n sì máa fi orúkọ Abíọ́nà sínú rẹ̀. Láàárín ọdún díẹ̀, orin nìkan ni ìlú rántí. Awo kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí òǹkàwé gbọ́ ti awo lẹ́ẹ̀kan péré, kí orin tó bò ó mọ́lẹ̀.

Ọmọ Awo
Ẹ kú àròjinlẹ̀, ẹ̀yin àgbà. Ohun kan ń hàn mí. Awo inú ìtàn yìí kàn la ẹnu, ó sọ̀rọ̀ bíi wòlíì. Ifá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Awo máa da ọ̀pẹ̀lẹ̀ tàbí kó tẹ ikin, ọ̀kan nínú Odù 256 á yọ, lẹ́yìn náà ló ń ki ẹsẹ. Ẹsẹ tó wà lábẹ́ Odù kan pọ̀. Ẹni tó wá dá Ifá ló máa ń mọ èyí tó bá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ mu, nítorí ó lè má tíì sọ ohun tó bá wá fún awo rárá, ó kàn sọ ọ́ sí owó lẹ́nu ni. Ẹ ò rí i pé àyè àṣìgbọ́ ti wà níbẹ̀? Ọba ló yan ẹsẹ tó wù ú.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ẹbọ. Ẹ tẹ́tí sí ẹsẹ Ifá: a dá a fún lágbájá, wọ́n ní kó rúbọ, ó rú u tàbí kò rú u, ibi tí ìtàn gbà nìyẹn. Ire Ifá kì í bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó káwọ́ gbera. Nínú ìwé rẹ, ta ni wọ́n ní kó rúbọ? Ká ní wọ́n ní kí àgbàlá ààfin fi epo àti ẹ̀kọ ṣe ẹbọ, kí wọ́n sì bọ́ àwọn aláìní. Ọba ní ọmọ òun ti jẹ́ àyànfẹ́, ẹbọ kí ni? Àbẹ̀ní tó ń fún epo ló ń bu díẹ̀ fún àwọn ọmọ tí ebi ń pa lójoojúmọ́. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹbọ ni òun ń rú.

Bísí ní Láńdọ̀n
Ó dùn, àmọ́ mi ò gbà tán. Bí ẹ bá ṣe báyìí, àyànfẹ́ náà ṣì wà, ẹ kàn gbé adé kúrò lórí ọmọ ọba lé orí ẹrú onínúure ni. Ibo ni ẹ ti yí nǹkan padà? Mo fẹ́ kó ṣílẹ̀kùn nítorí ti ara rẹ̀. Ó gbọ́ èdè àwọn tó dó tì wọ́n, èdè ìlú rẹ̀ ni. Ilé ló fẹ́ lọ. Kò bìkítà fún Agbédé.

Ọmọ Awo
Àǹtí mi, kí ló ní kéèyàn má lè rúbọ kó sì tún fẹ́ lọ sílé?

Bísí ní Láńdọ̀n
Kò burú, ṣùgbọ́n kó má gbọ́ àsọtẹ́lẹ̀ náà rárá. Bó bá gbọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí àyànfẹ́.

Olùkọ́ Àgbà
Èmi fẹ́ kó gbọ́ ọ, kó gbọ́ orin arọ́kin bí gbogbo ìlú, kó sì gbà pé Abíọ́nà ni. Àwa méjì lè má fohùn ṣọ̀kan lórí èyí.

Òǹkọ̀wé Tuntun
Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo rí ìparí báyìí. Ó ṣílẹ̀kùn lóru láti sá lọ, ó sì bá àbúrò rẹ̀ nínú ọmọ ogun. Ọ̀rọ̀ ló parí ogun. Lówùúrọ̀, ọba jáde, ó ṣí adé, ó bẹ̀ wọ́n. Mo ti kọ ojú ìwé méjì tí awo fi ń túmọ̀ àsọtẹ́lẹ̀ fún ìlú lẹ́yìn ìyẹn.

Olùkọ́ Àgbà
Yọ méjèèjì. Kí arọ́kin bẹ̀rẹ̀ orin, kó dé ibi orúkọ Abíọ́nà, kó dákẹ́. Ó tó. Kí o sì wá iṣẹ́ fún Abíọ́nà, nítorí ọmọ ogún ọdún tí wọ́n ti purọ́ fún láti ìgbà èwe kò lè kàn pòórá.

Túndé Alátakò
Ẹ dúró ná. Ṣé Abíọ́nà kì í lọ sóko ọdẹ kí ogun tó dé? Tó bá ń fi ẹsẹ̀ rìn padà wálé, ó ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ̀lú láìmọye ìgbà!

Olùkọ́ Àgbà
Túndé! Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, òǹkọ̀wé. Jẹ́ kó gba bodè kọjá ní orí kẹta pẹ̀lú ẹran lórí, kí gbogbo ìlú máa yìn ín. Àsọtẹ́lẹ̀ ti já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó rí i.

Túndé Alátakò
Àbẹ̀ní náà ńkọ́? Ṣé kì í lọ ponmi?

Òǹkọ̀wé Tuntun
Yéè. Ní orí karùn-ún, ó lọ sódò lẹ́yìn odi, ó sì padà. Orin tó kọ lọ́nà náà ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìwé.

Bísí ní Láńdọ̀n
Gbẹ́ kànga sínú ààfin, kó kọ orin náà níbẹ̀. Ẹrú tí wọn ò jẹ́ kó jáde ni, wọ́n mọ̀ pé á sá.

Màmá Ìbejì
Mo ti ka gbogbo ẹ̀. Owó ilé ẹ̀kọ́ Kẹ́hìndé ni mo ń wá báyìí o, ta ló mọ ibi tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ ìránṣọ ní Ìbàdàn?