Pajápajá ẹsẹ̀ lóru: ṣé kí n dá oògùn mi dúró?

Ìyá Àdùkẹ́: Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará wa. Ẹni ọdún 58 ni mí. Pajápajá ò jẹ́ n sùn mọ́. Bí oorun bá ti wọra, ẹran ẹ̀yìn ojúgun mi á le gbandi, àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ á ká sílẹ̀, n ó sì figbe ta. Kì í pẹ́ tí á fi sílẹ̀, àmọ́ ibẹ̀ á máa ro mí títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ó ń ṣe mí bí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, lónìí ẹsẹ̀ òsì, lọ́la ọ̀tún. Ẹsẹ̀ ò wú, mo sì ń rìn dáadáa lọ́sàn-án. Ìgbà tí dókítà fi oògùn tí ń múni tọ̀ kún oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi ló bẹ̀rẹ̀. Ṣé kí n dá a dúró?

Bọ̀dá Lékè: Ẹ kú ìnira, mà. Oògùn yẹn gan-an ni. Ẹ̀ ń tọ iyọ̀ ara yín dànù ni. Ẹ lọ ra magnẹ́síọ̀mù, ẹ máa lò ó lálaalẹ́. Bí kò bá gbọ́, kúìnínì á pa á.

Àǹtí Fisíò: Mà, ẹ má dá a dúró fúnra yín o, kí ẹ̀jẹ̀ ríru má baà gbéra. Ẹ sọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ fún dókítà yín, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò: pọtásíọ̀mù, sódíọ̀mù, magnẹ́síọ̀mù, ṣúgà, àti bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí ìkan bá lọ sílẹ̀, wọ́n lè dín oògùn náà kù tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.

Bọ̀dá Lékè, ẹ sọ òótọ́ díẹ̀, torí oògùn yẹn lè gbé iyọ̀ ara lọ. Àmọ́ ọ̀pọ̀ tí pajápajá ń mú, ẹ̀jẹ̀ wọn mọ́ tónítóní. Nígbà tí wọ́n sì dán magnẹ́síọ̀mù wò lára àwọn àgbàlagbà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ò dá ṣáṣá kò gbọdọ̀ fi ṣeré, torí á máa kó jọ sí i lára. Ti kúìnínì lẹ́rù jù: ó lè ba ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì jẹ́, ó sì lè da lílù ọkàn rú. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀.

Bó bá mú yín, ẹ fa iwájú ẹsẹ̀ sọ́dọ̀ ojúgun, ẹ má nà án síwájú, ìyẹn ló ń mú un le sí i. Bí ẹ bá lè dìde, ẹ tẹ gìgísẹ̀ mọ́lẹ̀.

Kí ẹ tó sùn, ẹ dojú kọ ògiri, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tì í. Ẹ fa ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, kí orúnkún rẹ̀ nà, kí gìgísẹ̀ má kúrò nílẹ̀ rárá. Ẹ tẹ̀ síwájú títí ẹ̀yìn ojúgun á fi máa fà, láìjẹ́ pé ó ń dunni. Ẹ dúró bí ìṣẹ́jú àáyá 20, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Gìgísẹ̀ ló sábà ń tan èèyàn: tó bá ti gbéra, tàbí tí ẹsẹ̀ yà síta, ẹran náà ò nà mọ́. Ẹ má sì máa fò ó sókè-sódò. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ìwádìí kan ní Nẹ́dálándì lọ́dún 2012 rí i pé ó dín in kù lára àwọn tó ti lé ní ọdún 55. Òmíràn tó ṣáájú rẹ̀ ò rí àǹfààní, nítorí náà n kò ní búra fún yín. Kò ṣáà gbówó lọ́wọ́ yín.

Àbẹ̀kẹ́: Tèmi náà rèé! Bí mo bá ti dùbúlẹ̀, bíi pé kòkòrò ń rìn nínú ẹsẹ̀ mi, àfi kí n dìde rìn. Ṣé kí n máa na ẹsẹ̀?

Àǹtí Fisíò: Àbúrò, ṣé ẹran ẹsẹ̀ ń le tí o bá fọwọ́ kàn án? Bí kò bá le, tó jẹ́ pé rírìn ló ń mú un rọlẹ̀, ó jọ pé kì í ṣe pajápajá. Ní kí wọ́n yẹ irin inú ẹ̀jẹ̀ rẹ wò.

Bàbá Kẹ́hìndé: Ẹ̀gbọ́n mi náà ń pe tirẹ̀ ní pajápajá. Tó bá rìn díẹ̀ á mú un, tó bá dúró á lọ. Ihò iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ti fún.

Àǹtí Fisíò: Ẹ ṣeun, sà. Irú ìyẹn gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ dókítà. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ẹsẹ̀ bá ń rù, tí kò lágbára mọ́, tó ń kú tipiri, tàbí tí pajápajá dé apá àti ara. Àmọ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó wú, tó gbóná, tí ìrora rẹ̀ ò lọ, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ. Ẹ̀jẹ̀ lè ti dì sínú iṣan rẹ̀. Bí mímí bá tún ṣòro, ilé ìwòsàn pàjáwìrì ni.

Ìyá Àdùkẹ́: Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti pe dókítà, wọ́n ní kí n wá yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò lọ́jọ́ Ajé, kí n má dá oògùn dúró. Àǹtí Fisíò, orúnkún ọ̀tún mi ń dùn mí, mi ò lè dúró ti ògiri bí ẹ ṣe wí.

Àǹtí Fisíò: Ẹ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mà, kí ẹ na ẹsẹ̀ náà débi tó bá lè dé. Ẹ fi táwẹ́lì kọ́ iwájú àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ di etí rẹ̀ méjèèjì mú, ẹ rọra fà á sọ́dọ̀ ara yín.