Kí ni ká máa pe ọ̀rọ̀ tí à ń kà sórí àwòrán tí kò fọhùn?

Olùbéèrè, Ọ̀yọ́: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo wálé ní 2018, mo fi fóònù ya ọjà Akẹ̀sán. Atẹ́gùn ba ohùn rẹ̀ jẹ́, mo bá yọ ohùn náà kúrò. Àwòrán ìṣẹ́jú àáyá 50 ló kù, kò sí ohùn kankan níbẹ̀. Mo kọ àpèjúwe tí mo máa kà sí i, àmọ́ ó ń sú gbogbo ẹni tó gbọ́ ọ. Ṣé “àpèjúwe” ni orúkọ rẹ̀ lóòótọ́? Ohun tí mo kọ nìyí: “Ọjà Akẹ̀sán rèé. Èrò pọ̀ níbẹ̀ gan-an. Ìyá yìí ń fi kóńgò wọn gàrí. Ata pupa rèé. Ọmọkùnrin kan ru igbá kọjá. Nígbà tó yá, ilẹ̀ ṣú, ọjà tú.”

Olùkọ́ èdè, Ògbómọ̀ṣọ́: Orúkọ yẹn gan-an ló ṣì ọ́ lọ́nà. Ẹni tí a bá ní kó ṣe àpèjúwe, ohun tó wà níwájú rẹ̀ ni yóò máa kà sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀, àwa tí à ń wò ó ti rí ata, a sì ti rí i pé pupa ni. Àbá tèmi ni “àsọkún”, ohun tí a sọ kún ohun tí a rí.

Ọmọ Ọjà Ìgbò: Àsọkún kẹ̀? Ẹ̀yin ará, ta ló kú? Ẹ jẹ́ ká pè é ní “ègbè”. Àwòrán ni yóò máa dá orin, ọ̀rọ̀ á máa gbè é. Ọ̀rọ̀ ò ní bo àwòrán mọ́lẹ̀ nígbà náà. Ẹ kàn ki oríkì Ọ̀yọ́ sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ara gbogbo èèyàn á yá gágá.

Olùkọ́ èdè, Ògbómọ̀ṣọ́: Ti àsọkún yẹn, mo gbà. Ṣùgbọ́n kí ni elégbè ń ṣe? Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí adárin sọ náà ló ń tún sọ. Olùbéèrè wa ti ń gbe àwòrán rẹ̀ báyìí tẹ́lẹ̀, òun náà ló sì ń sú wọn.

Àgbà oníròyìn, Ọ̀yọ́: Ó pẹ́ tí mo ti ń kọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún rédíò àti tẹlifíṣàn, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Ní tèmi, “àfọ̀kún” ni mo fẹ́, kò mú ẹkún dání. Àmọ́ kí orúkọ tó dé, ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀.

Mo bi olùbéèrè ní ìkọ̀kọ̀ bí àwòrán náà ṣe tò. Iwájú ọjà ló kọ́kọ́ yọ, ìṣẹ́jú àáyá 12. Ìyá onígàrí gba 8, ata gba 6, ọmọ tó ru igbá gba 9, ìsọ̀ tó ṣófo ní ìrọ̀lẹ́ gba 15. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀: wo àwòrán náà láìkọ nǹkan kan, kí o sì mọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe gùn tó. Má ka iye ọ̀rọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ Yorùbá kúrú, ohùn rẹ̀ sì máa ń fà. Kà á sókè bí ìwọ yóò ṣe kà á gan-an, kí aago fóònù máa ka ìṣẹ́jú àáyá fún ọ. Bí ìmí rẹ ò bá balẹ̀ kí àwòrán tó yí, gé ọ̀rọ̀ kúrò. Má sáré kà á.

Ohun tí àwòrán ò lè sọ ni kí o wá lẹ́yìn náà. Kò lè sọ ọdún. Èdè wa gan-an kì í fi èyí hàn: “ó ń tà”, àná ni àbí òní? Bí o kò bá dárúkọ 2018, olùwòran á rò pé ọjà òní ló ń wò. Àwa tí à ń gbé Ọ̀yọ́ sì mọ̀ pé iná jó Akẹ̀sán ní January 2020. Èyí ló yẹ kó gba gbogbo ipò, ìwọ wá ń kéde ata fún wa!

Bí èmi yóò ṣe kọ ọ́ nìyí. Mo máa dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, kí ojú kọ́kọ́ rìn yí ká. Lẹ́yìn náà: “Akẹ̀sán, iwájú ààfin Aláàfin, ọdún 2018.” N ó tún dákẹ́. Nígbà tí ìyá bá ti wọn kóńgò tán, tó bu gàrí díẹ̀ lé e: “Owó ló ra kóńgò. Ẹnu dídùn ló gba èènì.” Bí mo bá sọ ọ́ kí ọwọ́ rẹ̀ tó dé orí kóńgò, ọ̀rọ̀ ti tú àṣírí àwòrán nìyẹn. N kò ní sọ nǹkan kan lórí ata. N kò ní sọ nǹkan kan lórí ọmọ tó ru igbá. Nígbà tó bá kan ìsọ̀ tó ṣófo: “Ní January 2020, iná jó ọjà yìí. Wọ́n ti tún un kọ́. Èyí tí wọ́n kọ́ kò jọ èyí.” Kí n sì jẹ́ kí àwòrán náà parí fúnra rẹ̀.

Ìsọ̀ tó ṣófo yẹn, nínú ọ̀rọ̀ tìrẹ, ọjà ló tú. Nínú èyí, olùwòran á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú wá ohun tí iná mú lọ, bẹ́ẹ̀ àwòrán kan náà ni.

Ṣọ́ra fún “yìí”. “Ìyá yìí” ń tọ́ka. Bí o bá pẹ́ díẹ̀ kí o tó sọ ọ́, tí àwòrán ti yí, ata lo pè ní ìyá yẹn. Mo ti gbọ́ ibi tí wọ́n ti ń sọ pé “olóyè ńlá yìí” tí ewúrẹ́ sì ń kọjá. Ẹ̀rín ò jẹ́ ká gbọ́ ìyókù.

Ọmọ Ọjà Ìgbò, oríkì dára, ṣùgbọ́n ó ní àwòrán tirẹ̀. Bí o bá ń ki ọba tó jà lórí ẹṣin, ẹṣin ni ọkàn olùgbọ́ ń wò, kò rí onígàrí mọ́.

Ìyá Àbúrò, Ìbàdàn: Ẹ forí jì mí, ìyá mi kò ríran. Bó bá jókòó tì wá nídìí tẹlifíṣàn, “ìyá kan ń wọn gàrí, ata pupa rèé” gan-an ló ń bẹ̀ wá pé ká sọ. Ẹ wá ní kí ọmọ yìí dákẹ́ lórí ata?

Àgbà oníròyìn, Ọ̀yọ́: Mo gbọ́ yín, Màmá. Iṣẹ́ méjì ni. Ẹ jẹ́ kó ka ti ẹni tí kò ríran sí ẹ̀dà ọ̀tọ̀, kí ó sì pe ìyẹn ní àpèjúwe, torí pé àpèjúwe ni lóòótọ́. Bí a bá kó méjèèjì pọ̀, kò ní dùn mọ́ ẹnì kankan.

Olùkọ́ èdè, Ògbómọ̀ṣọ́: A jẹ́ pé àpèjúwe ti rí ilé. Ti àfọ̀kún ni kò tíì dá mi lójú. “Fọ̀” níbí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ọmọ ìsinsìnyí ń lò lójoojúmọ́. Aṣọ fífọ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ gbọ́.

Ọmọ Ọjà Ìgbò: Aṣọ tí a fọ̀ tó kún okùn! Mo ṣì dúró lórí ègbè. Elégbè tó mọṣẹ́ máa ń fi tirẹ̀ kún un.

Olùbéèrè, Ọ̀yọ́: Mo ti gé e, mo kà á, ó gba ìṣẹ́jú àáyá 20 péré nínú 50. Àmọ́ níbi tí mo dákẹ́ sí, ẹ̀gbọ́n mi ń gbọn fóònù pé ohùn rẹ̀ ti kú. Ṣé kí n lọ gba ariwo ọjà sílẹ̀ ní Akẹ̀sán tuntun, kí n fi sábẹ́ rẹ̀?

Àgbà oníròyìn, Ọ̀yọ́: Àwòrán 2018, ariwo òní? Fún ibi tí wọ́n ti ń wọn gàrí, mo lè gbà. Lábẹ́ ìsọ̀ tí iná jó, n kò ní fi sí i láéláé.

Olùkọ́ èdè, Ògbómọ̀ṣọ́: Èmi ò rí ìyàtọ̀ kankan níbẹ̀. Bó bá jẹ́ irọ́ lábẹ́ ìsọ̀, irọ́ ni lábẹ́ gàrí.