Mo gba 34 nínú kalikúlọ́ọ̀sì: báwo ni mo ṣe máa kọ ọ́ sínú lẹ́tà?

Abíkẹ́: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Mò ń kọ lẹ́tà láti fi wá ààyè dìgírì kejì nínú sítátísíìkì. Mo fìdí rẹmi nínú kalikúlọ́ọ̀sì lọ́dún kejì, 34 péré ni mo gbà. Mo tún un ṣe lọ́dún kẹta, mo gba 71. Wọ́n ní kí lẹ́tà má kọjá ọ̀rọ̀ 600, àlàyé 34 yìí nìkan sì ti jẹ 240 nínú rẹ̀. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìyí:

"Ó dùn mí gan-an láti jẹ́wọ́ pé mo fìdí rẹmi. Olùkọ́ wa kì í ṣàlàyé dáadáa, iṣẹ́ alẹ́ tí mò ń ṣe kò sì jẹ́ kí n ráyè. Mo tọrọ àforíjì, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi èyí dá mi lẹ́jọ́."

Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Délé: Yọ gbogbo rẹ̀ dànù. Ta ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ tú àṣírí ara rẹ̀? Ohun rere nìkan ni kó o kọ.

Ìyá Káyọ̀dé: Ìyẹn rán mi létí. Nígbà tí wọ́n bi mí níbi iṣẹ́ kan pé kí ni àléébù mi, mo ní mi ò mọ ìsinmi, iṣẹ́ ṣáá ni. Ṣe ni obìnrin tó ń bi mí rẹ́rìn-ín. Wọn ò pè mí mọ́. Ọmọ mi, má sọ irú ẹ̀ o.

Abíkẹ́: Ẹ ṣé mà, àmọ́ wọn ò tíì pè mí débẹ̀. Lẹ́tà ni mo ṣì ń bá yí.

Bàbá Ìwé: Mo ti wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń ka irú lẹ́tà báyìí. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ Délé: àṣìṣe tí kò hàn nínú ìwé kankan, tí ẹnikẹ́ni ò sì béèrè, kí ló ń gbé e jáde? Ṣùgbọ́n 34 tìẹ wà nínú èsì ìdánwò tí wọ́n máa tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà rẹ, orí kalikúlọ́ọ̀sì náà sì ni sítátísíìkì dúró lé. Tó o bá dákẹ́, ẹni tó ń kà á á fúnra rẹ̀ wá ìdí, tiẹ̀ sì lè burú ju tìrẹ lọ.

Olùkọ́ tó o dá lẹ́bi yẹn ló máa kọ́kọ́ bà ọ́ jẹ́. Ẹni tó ń kà á, olùkọ́ lòun náà. Ẹ̀bẹ̀ tún ń sọ fún un pé ìwọ gan-an ò gbà pé o tó. Jẹ́ kí n bi ọ́: kí lo ṣe yàtọ̀ nígbà tó o tún un ṣe?

Abíkẹ́: Lákọ̀ọ́kọ́, mò ń há ìṣirò tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ sórí ni. Lẹ́ẹ̀kejì, mò ń fọwọ́ ara mi ṣe mẹ́wàá tuntun lọ́sẹ̀, mo sì ń gbé èyí tó bá le lọ bá olùkọ́.

Bàbá Ìwé: Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ gan-an nìyẹn, kò sì sí nínú ọ̀rọ̀ 240! Ẹ̀kọ́ wo lo ṣe lẹ́yìn náà tó nílò kalikúlọ́ọ̀sì?

Abíkẹ́: Ìṣeéṣe, lọ́dún kẹrin. 74.

Bàbá Ìwé: Kọ ọ́ báyìí:

"Lọ́dún kejì mo gba 34 nínú kalikúlọ́ọ̀sì, nítorí pé ìdáhùn ni mò ń há sórí. Nígbà tí mo tún un ṣe, mò ń ṣe ìṣirò tuntun mẹ́wàá lọ́sẹ̀, mo sì ń gbé èyí tó bá le lọ bá olùkọ́. Mo gba 71. Lọ́dún kẹrin, mo gba 74 nínú ẹ̀kọ́ ìṣeéṣe, tó dúró lórí rẹ̀."

74 yẹn ló gbé e ró. Wọ́n lè ní ẹ̀ẹ̀kejì ló jẹ́ kí 71 rọrùn; ẹ̀kọ́ mìíràn ni 74. Fi í sí àárín lẹ́tà, lẹ́yìn iṣẹ́ ìwádìí rẹ, kó o sì gba ibòmíì lọ. Má fi bẹ̀rẹ̀, má fi parí.

Délé: Ó dáa, mo gbà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ alẹ́ ńkọ́?

Abíkẹ́: Òun gan-an ló kù. Òótọ́ ni, alẹ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀ ni mo fi ń ṣiṣẹ́ lọ́dún yẹn.

Bàbá Ìwé: Ṣé o ṣì ń ṣe é lọ́dún kẹta?

Abíkẹ́: Bẹ́ẹ̀ ni sà.

Bàbá Ìwé: Á jẹ́ pé òun kọ́ ló fa 34. Tó o bá dárúkọ rẹ̀ bí ìdí, ẹni tó bá fojú sí i á rí i pé kò bára mu.

Ìyá Káyọ̀dé: Èmi ò gbà o. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́, tó ṣì gba 71, ó yẹ kí wọ́n mọ̀. Sọ fún olùkọ́ tó máa kọ̀wé jẹ́rìí rẹ, kó bá ọ fi sínú tiẹ̀.

Bàbá Ìwé: Tí olùkọ́ náà bá mọ̀ nípa rẹ̀ lóòótọ́, ìyẹn lè ṣiṣẹ́.

Abíkẹ́: Ó mọ̀ mí, àmọ́ mi ò sọ ọ́ fún un rí. Mo ti gé àlàyé 34 náà sí gbólóhùn mẹ́rin báyìí. Màá lọ bá a lọ́jọ́ Ajé.