Kí la ó pe àyè tí aránṣọ ń fi kún ìwọ̀n àyà?

Atúmọ̀: Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà. Mo ń túmọ̀ ìwé kékeré kan tó ń kọ́ni bí a ṣe ń ya pátánì ìpìlẹ̀ fún òkè aṣọ obìnrin, láti ọrùn dé ìbàdí. Wọ́n ní kí a wọn ara, kí a fi iye kan kún ìwọ̀n náà, kí a tó fa ilà. "Ease" ni Gẹ̀ẹ́sì pe iye yẹn, "ìdẹ̀ra" ni mo túmọ̀ rẹ̀ sí. Ṣé ó bá a mu? Èló ló sì yẹ kó jẹ́ fún aṣọ híhun?

Màmá Aránṣọ: Ọmọ mi, ìdẹ̀ra kọ́. Ara ẹni tó wọ aṣọ ló ń dẹ̀. Ohun tí o ń wá orúkọ fún ti wà lórí bébà kí ẹnikẹ́ni tó wọ nǹkan kan. Iye tí aṣọ fi ju ara lọ ni. Èèyàn sì lè fi púpọ̀ sí i kí ara má dẹ ẹni náà rárá. Nídìí ẹ̀rọ, àyè là ń pè é.

Ní ti èló, jẹ́ ká mú obìnrin kan. Àyà rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 92, ìbàdí rẹ̀ 72, láti eegun ẹ̀yìn ọrùn dé ìbàdí sì jẹ́ 40. Bí a bá fẹ́ kí aṣọ bá a lára mu láìfún un, màá fi 8 kún àyà, ó di 100. Màá fi 4 kún ìbàdí, ó di 76. Ìdajì ara nìkan là ń yà, nítorí náà àpótí tí màá kọ́kọ́ fà á fẹ̀ ní 50, á ga ní 40. Mo là á sí méjì: 25 fún iwájú, 25 fún ẹ̀yìn. Ní ìbàdí, 19 péré ni mo nílò nínú 25 yẹn. Nínú 6 tó ṣẹ́kù, ẹ̀gbẹ́ gba 2, dáàtì, ìyẹn ìṣẹ́po tí a ó rán pa, gba 4. Ṣé o rí i pé 8 yẹn ti pín? 2 péré ló kan ìdá kọ̀ọ̀kan.

Télọ̀: Ínṣì 4 ni, Màmá. Ọ̀gá mi ò kọ́ mi ní òmíràn, aṣọ tí mo rán ò sì fún ẹnikẹ́ni rí. Ẹ má sì gbàgbé àyè rírán o. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà kan àbọ̀ sílẹ̀ létí ege kọ̀ọ̀kan.

Olùkọ́ Èdè: Ẹ rí nǹkan tó ń bà mí lẹ́rù. Àyè tí Télọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ yìí, inú ojú rírán ló ń wọ̀, kò ní dé ara ẹni tó wọ aṣọ láé. Èyí tí Atúmọ̀ ń bèèrè wà láàárín aṣọ àti ara. Bí ìwé bá pe méjèèjì ní àyè, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ á fi ọ̀kan sílẹ̀, á sì rò pé òun ti ṣe èkejì. Mo dábàá *àyè ìmira*, nítorí kí èèyàn lè mira ni a ṣe fi í sí i. Tàwọn tó ń fẹ aṣọ torí ẹwà nìkan, kí a pe ìyẹn ní *àyè àrà*.

Atúmọ̀: Mo fẹ́ràn àyè ìmira, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n bí òǹkàwé kò bá ka àmì ohùn, "àyè ara" ló máa ka èkejì sí, ìyẹn gan-an ló sì máa rò pé ó jẹ́ ti ìmira.

Olùkọ́ Èdè: Kó ka àmì ohùn.

Màmá Aránṣọ: Ẹ máa jà nìṣó. Télọ̀, ínṣì 4 rẹ ò burú, bíi sẹ̀ǹtímítà 10 ni, ó dára fún búláòsì tó ṣò díẹ̀. Fi sára gáùn tó yẹ kó mọ́ ara, wàá rí i tí aṣọ á kó jọ lábẹ́ abíyá. Fi sára kóòtù tí a ó wọ̀ lé ẹ̀wù míì lórí, ó lè má tó, torí aṣọ abẹ́ ti jẹ nínú rẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí aṣọ híhun máa bèèrè àyè ni pé òwú òró àti òwú ìbú rẹ̀ há mọ́ ara wọn. Igun sí igun nìkan ló ti ń fà. Àyà sì kì í dúró sójú kan. Béèyàn bá mí kanlẹ̀, ó lè fi sẹ̀ǹtímítà 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ fẹ̀ sí i. Bó bá nawọ́ síwájú, ẹ̀yìn á fẹ̀. Bó bá jókòó, ìbàdí á fẹ̀. Aṣọ ò lè nà tẹ̀lé wọn.

Atúmọ̀: Mà, ẹ̀wù tó ń fà náà, ṣebí híhun ni?

Olùkọ́ Èdè: Òótọ́ ni, ọ̀rọ̀ kan náà là ń lò fún méjèèjì. Kọ "aṣọ tí kì í fà". Àfi pé àwọn kan wà tó jẹ́ òró àti ìbú, tí wọ́n fi òwú oní-rọ́bà sí, tí wọ́n sì ń fà. Mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ tó máa yọ ìyẹn kúrò.

Ọmọ Ẹ̀kọ́ṣẹ́: Ẹ jọ̀ọ́ mà, èmi ni mo fi 8 kún ìdá kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀ tó kọjá. 23 mi di 31. Aṣọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gba èèyàn méjì. Mo ti wá tún un yà bẹ́ ẹ ṣe wí, ó sì bá mi mu bí mo bá dúró. Ṣùgbọ́n tí mo bá gbé apá sókè, gbogbo aṣọ ló ń bá mi gòkè. Ṣé kí n sọ 8 di 12?

Màmá Aránṣọ: Rárá o. Báwo lo ṣe sọ ihò apá kalẹ̀ tó lábẹ́ abíyá?

Ọmọ Ẹ̀kọ́ṣẹ́: Sẹ̀ǹtímítà 5, mà. Mo rò pé bó bá ṣe jìn tó ni apá á ṣe ráyè tó.

Màmá Aránṣọ: Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Bí ìsàlẹ̀ ihò bá jìnnà sí abíyá, ẹ̀gbẹ́ aṣọ ti kúrú nìyẹn. Apá tó ń gòkè á wá fa apá aṣọ, apá aṣọ á fa ẹ̀gbẹ́, ẹ̀gbẹ́ á sì gbé ìbàdí aṣọ sókè. Gbé ihò náà dé nǹkan bíi 2 sábẹ́ abíyá, kó o fi aṣọ tí kò wọ́n rán an wò, kó má jẹ́ èyí tó ń fà. Bó o bá rí ilà tó dùbúlẹ̀ tó ń fà láti ọmú kan sí èkejì, àyè àyà ò tó. Bí aṣọ bá ká lóòró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò apá, ó pọ̀ jù. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tó o bá gbá ara rẹ mọ́ra nìkan ló ń fà lẹ́yìn, ẹ̀yìn nìkan ni kó o fi 1 kún, má fọwọ́ kan iwájú.

Olùkọ́ Èdè: Ẹ jẹ́ kó yé mi. Ihò apá fẹ̀ sí i, ìmira wá dín kù. Kí la fẹ́ pe ìyẹn, àyè ìmira tó ń dí ìmira lọ́wọ́?

Màmá Aránṣọ: Mo ti ní àyè ni.

Télọ̀: Ẹ ò tíì dé ibi orí apá aṣọ. Ó máa ń fi bíi sẹ̀ǹtímítà 3 gùn ju ihò tí a máa rán an mọ́ lọ, a ó sì fi ọgbọ́n tì í wọlé kó má ṣe ṣẹ́. Orúkọ kan náà ni wọ́n fún un lédè Gẹ̀ẹ́sì.

Olùkọ́ Èdè: Ìsúnkì ńkọ́?

Màmá Aránṣọ: Aṣọ tí a fọ̀ ló ń súnkì. Àwa ò súnkì nǹkan kan.

Télọ̀: Ìtìwọlé, bó ṣe rí lójú tèmi.

Atúmọ̀: Màá kọ "àyè ìmira" fún ti àyà àti ìbàdí, màá sì fi "àyè ojú-rírán" sílẹ̀ fún ti Télọ̀. Orí apá, mo ṣì fi àlàfo sílẹ̀ níbẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀kọ́ṣẹ́: Mà, mo ti gbé ihò náà sí 2. Apá gòkè, aṣọ dúró. Ẹ̀yìn ló kù tó ń fà, mo fẹ́ fi 1 yẹn kún un.