Wọ́n ní ₦200,000 ni yóò máa wọ ọwọ́ mi: kí ni kí n bèèrè kí n tó fọwọ́ sí i?

Àbẹ̀kẹ́, Ado-Ekiti
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe gààrí alápò nítòsí Ado fẹ́ gbà mí kí n máa bójú tó sítọ̀ wọn. Èkó ni ọ̀gá wọn àgbà wà. Ẹni tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ pè mí lánàá, ó ní, "₦200,000 nẹ́ẹ̀tì la ó máa san. Má wulẹ̀ da ara rẹ láàmú lórí owó-orí, àwa la ó gbé e." Ohun tó wà nínú lẹ́tà lórí owó kò ju ìlà kan lọ: "Owó oṣù: ₦200,000 nẹ́ẹ̀tì."

Níbi tí mo ti ń bọ̀, ₦230,000 gúrọ́ọ̀sì ni wọ́n kọ, nǹkan bíi ₦189,800 ló sì ń wọ àkáǹtì mi lẹ́yìn owó-orí àti pẹ́ńṣọ̀n. Lójú mi, wọ́n ti fi ₦10,000 lé e. Àbí ojú ń tàn mí?

Bàbá Ìbejì, Ìjerò
Gbà á, àbúrò! Nẹ́ẹ̀tì ló dáa jù. Ìjọba ìbáà gbé owó-orí gòkè lọ́la, ₦200,000 rẹ kò ní dín. Tí o bá fẹ́ mọ gúrọ́ọ̀sì rẹ̀, fi 8 ti pẹ́ńṣọ̀n àti 15 ti owó-orí kún un. 23 nínú 100 nìyẹn, ₦246,000. Wọ́n ti fún ọ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìyá Tọ́mìwá
Ọ̀rọ̀ nẹ́ẹ̀tì yìí ló ń pa wá ní ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ni. Kí kóópù yọ tiwọn, kí wọ́n yọ owó ẹ̀yáwó, kí wọ́n yọ owó aṣọ ẹgbẹ́, kí oṣù tó parí, owó ọkọ̀ Ìlawẹ̀ ló ń ṣẹ́ kù. Ní kí wọ́n má yọ owó kóópù níbẹ̀ o.

Akọ̀wé Owó, Ìkéré
Ìyá Tọ́mìwá, ẹ kú ìnira. Ti kóópù yàtọ̀ sí èyí, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín sí i.

Àbẹ̀kẹ́, iṣẹ́ mi ni kí n máa ṣírò owó oṣù fún ilé-iṣẹ́. Ìbéèrè kan péré ló wà níbẹ̀: nígbà tó ní "àwa la ó gbé e", ṣé owó-orí nìkan ló ń sọ, àbí owó-orí pẹ̀lú pẹ́ńṣọ̀n? Ìyàtọ̀ rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Ká kọ́kọ́ gbà pé méjèèjì ni. Ìṣirò Bàbá Ìbejì súnmọ́ ọn, àmọ́ kò tọ̀nà. Láti oṣù kìíní 2026, ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún kò ní owó-orí nínú. ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e ni 15 nínú 100 wà lórí rẹ̀. Ẹ sì gbọ́dọ̀ yọ pẹ́ńṣọ̀n kúrò kí ẹ tó ka owó-orí, torí ìjọba kì í gba owó-orí lórí rẹ̀. Nẹ́ẹ̀tì rẹ lọ́dún jẹ́ ₦2,400,000. Tí mo bá ṣe é padà sẹ́yìn, gúrọ́ọ̀sì rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi ₦243,000 lóṣù: pẹ́ńṣọ̀n tìrẹ ₦19,400, owó-orí ₦23,500, ìyókù ₦200,000. Ilé-iṣẹ́ á tún fi 10 nínú 100 tiwọn sí i, ₦24,300. Tó bá rí báyìí, o ti gòkè lóòótọ́.

Ká wá gbà pé owó-orí nìkan ni, tí wọn kò san pẹ́ńṣọ̀n kankan. Gúrọ́ọ̀sì rẹ̀ á já sí ₦223,500, kò tó ti tẹ́lẹ̀. Níbi tí o ti kúrò, ₦18,400 ń lọ sínú pẹ́ńṣọ̀n rẹ láti apá tìrẹ, ₦23,000 láti apá wọn. ₦41,400 lóṣù nìyẹn, tìrẹ sì ni. O ó gba ₦10,000 sọ́wọ́, o ó sì pàdánù ₦41,400 tí o kò tí ì fojú rí.

Èèyàn mélòó ni wọ́n?

Àbẹ̀kẹ́
Háà. N kò ronú dé ibẹ̀ rárá. Wọ́n tó ogójì, pẹ̀lú àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́.

Akọ̀wé Owó, Ìkéré
Tí àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́ bá jẹ́ òṣìṣẹ́ wọn gan-an, òfin pẹ́ńṣọ̀n 2014 mú wọn, torí òṣìṣẹ́ 15 ló ti bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ alágbàṣe ojúmọ́ ni wọ́n pè wọ́n, wọ́n lè máa sá gba ibẹ̀. Bèèrè.

Adé Ọmọ Ìkọ̀lé
Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi rèé. Ibi kan gbà mí ní nẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní àwọn ń san gbogbo rẹ̀. Kò sí péésílíìpù, mo kàn ń rí áláàtì báǹkì. Ọjọ́ tí mo lọ bá àwọn tó ń tọ́jú pẹ́ńṣọ̀n mi, wọn kò rí kọ́bọ̀ láti ibẹ̀. Mo wá ìwé ẹ̀rí owó-orí, kò sí orúkọ mi. Ẹni tó bá gba nẹ́ẹ̀tì kò ní mọ̀, torí iye tó ń retí ló ń rí.

Akọ̀wé Owó, Ìkéré
Ó dáa tí Adé sọ ọ́. Ní gúrọ́ọ̀sì, o rí i pé wọ́n yọ ọ́, o lè bi wọ́n pé níbo ló wà. Fún wọn ní nọ́ńbà pẹ́ńṣọ̀n rẹ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Láàrin ọjọ́ iṣẹ́ méje lẹ́yìn owó oṣù ló yẹ kó wọlé, àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ á sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ sọ fún ọ. Ti owó-orí, Ado lo ń gbé, ìjọba Ekiti ló ni ín, kì í ṣe Èkó.

Ṣé o ń san owó ilé?

Àbẹ̀kẹ́
₦300,000 lọ́dún, ní Basiri.

Akọ̀wé Owó, Ìkéré
Òfin tuntun jẹ́ kí o yọ ìdá kan nínú márùn-ún owó ilé kúrò kí wọ́n tó ka owó-orí rẹ. ₦60,000 nìyẹn, tó ń dín owó-orí rẹ kù ní ₦9,000 lọ́dún. Lórí gúrọ́ọ̀sì, tìrẹ ni ₦9,000 náà. Lórí nẹ́ẹ̀tì, ìwọ lo máa mú rìsíìtì wá, ilé-iṣẹ́ ni owó á ṣẹ́ kù sí lọ́wọ́.

Bàbá Ìbejì, Ìjerò
₦750 lóṣù ni ẹ fi ń dá ọmọ dúró? Tí owó-orí bá wá gòkè ńkọ́, ta ni yóò gbé e?

Akọ̀wé Owó, Ìkéré
Òun ni, lórí gúrọ́ọ̀sì. N kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tí owó-orí bá wọ̀ lọ́rùn kò ní fi owó kún ti òṣìṣẹ́ lọ́dún yẹn. Èmi á yan ₦243,000 gúrọ́ọ̀sì. Tí wọ́n bá fẹ́ nẹ́ẹ̀tì dandan, kí wọ́n kọ ọ́ pé "₦200,000 lẹ́yìn owó-orí àti pẹ́ńṣọ̀n 8 nínú 100, ilé-iṣẹ́ yóò san méjèèjì pẹ̀lú 10 tirẹ̀", kí péésílíìpù sì fi gbogbo rẹ̀ hàn. Wo ohun tí wọ́n ń ka pẹ́ńṣọ̀n lé lórí pẹ̀lú: owó ìpìlẹ̀, owó ilé àti owó ọkọ̀ ló ń wọ̀ ọ́. Àwọn kan máa ń kó èyí tó pọ̀ sábẹ́ "àjẹmọ́nú mìíràn" kó lè kéré.

Àbẹ̀kẹ́
Mo ti pè é padà. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé pẹ́ńṣọ̀n wà nínú ohun tí ẹ ń gbé?" Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní òun á bi Èkó. Mo ti fi ìlà yẹn ránṣẹ́ sí i. N kò tí ì fọwọ́ sí nǹkan kan.

Adé Ọmọ Ìkọ̀lé
Bi í nípa owó ọdún Kérésì náà. Tí wọ́n bá ní oṣù kẹtàlá wà, ṣé nẹ́ẹ̀tì nìyẹn náà, àbí orí rẹ ni wọ́n á ti yọ owó-orí rẹ̀?

Akọ̀wé Owó, Ìkéré
Ìbéèrè gidi. Mo ti rí i kí wọ́n ṣe é ní ọ̀nà méjèèjì.