"Ìgbèkùn" kọ́ ni, "ẹrú ọba" náà kọ́: ọ̀rọ̀ wo la ó lò fún àwọn Júù Sípéènì?

Atúmọ̀ láti Ìbàdàn béèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mò ń tú ìwé ìtàn fún àwọn ọmọ girama, lórí àwọn Júù tí wọ́n lé kúrò ní Sípéènì ní 1492. Mo kọ "wọ́n kó wọn lọ sí ìgbèkùn", olóòtú ní kò tọ́. Ìwé yìí tún pè wọ́n ní "ẹrú ọba", ó sì pe àwọn kan nínú wọn ní "Onígbàgbọ́ tuntun". Kí ni kí n kọ?

Ọmọ Èjìgbò: Àbúrò mi, kí ló le níbẹ̀? "Lé" ni. Kùmásì ni bàbá mi ti ń tajà nígbà tí ìjọba Gáná fún àwọn àlejò ní ọ̀sẹ̀ méjì ní oṣù kọkànlá 1969. Títí bàbá fi kú, "ìgbà tí wọ́n lé wa" ni wọ́n máa ń wí. Wọn ò pè é ní ìgbèkùn rí. Ilé ara wọn ni wọ́n padà sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹrù tó kù lọ́wọ́ wọn ò ju ẹyọ kan lọ.

Olùkọ́ ìtàn tó ti fẹ̀yìn tì: Ọmọ Èjìgbò sọ òótọ́ nípa ìgbèkùn. Ẹni tó bá lọ sí ìgbèkùn, ọ̀tá ló mú un dání lọ sílé ara rẹ̀, bí Nebukadinésárì ti kó àwọn Júù lọ sí Bábílónì. Ti Sípéènì yàtọ̀. Ọba ní kí wọ́n jáde, kò sì kàn án ibi tí wọ́n máa forí lé.

Ṣùgbọ́n "lé" nìkan kò tó. Ìwé àṣẹ ìgbélùú ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ bàbá yín ní Gáná. Ìrìbọmi ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn Júù. Ọjọ́ 31 oṣù kẹta 1492 ni ọba Fẹdinándì àti ayaba Ìsàbẹ́là fọwọ́ sí àṣẹ yẹn ní Gìránádà, wọ́n sì fún àwọn Júù dòpin oṣù keje. Ẹni tó bá gba ìrìbọmi, kò sẹ́ni tí yóò lé e. Ábúráhámù Sẹniọ́ọ̀, tó jẹ́ olórí àwọn Júù ní Kásítílì, ìjọba Ìsàbẹ́là, tó sì ń bá ọba gba owó orí, ṣe ìrìbọmi ní oṣù kẹfà, ọba àti ayaba fúnra wọn ló ṣe bàbá àti ìyá ìsàmì fún un. Ísáákì Ábúrábánẹ́ẹ̀lì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ láàfin kọ̀, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Nápọ́lì. Àṣẹ kan náà ló kan àwọn méjèèjì. Tí o bá kọ "wọ́n lé gbogbo Júù", o ti pa ìdajì ìtàn náà mọ́lẹ̀.

Oníṣòwò láti Òṣogbo: Ẹ jẹ́ ká pe nǹkan lórúkọ rẹ̀. Owó wọn ni ọba fẹ́. Ogun tó fi gba Gìránádà lọ́wọ́ àwọn Mùsùlùmí ti jẹ àpò rẹ̀ tán, ló bá lé olówó kó lè jogún wọn. "Ìfipágbẹrù" ni kí ó kọ.

Olùkọ́ ìtàn tó ti fẹ̀yìn tì: Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ yín kan ibì kan níbẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n má mú wúrà, fàdákà àti owó ẹyọ jáde, bẹ́ẹ̀ ni owó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń ta dúkìá. Ẹnì kan tó gbé ayé nígbà náà kọ ọ́ sílẹ̀ pé ilé ń lọ fún kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan, oko àjàrà fún ìwọ̀nba aṣọ. Ó dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ogún nìkan ni, kí ló dé tí ọba fi ṣòfin ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà pé ẹni tó bá padà wá ṣèrìbọmi lè ra ilé rẹ̀ padà ní iye tó tà á? Owó orí ọdọọdún tí wọ́n ń san fún ọba sì ti bá wọn lọ.

Ohun tí àṣẹ náà fúnra rẹ̀ sọ ni pé àwọn Júù ń fa àwọn tó ti ṣèrìbọmi padà sí ẹ̀sìn àtijọ́. Ibẹ̀ ni kí àbúrò wa ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn "Onígbàgbọ́ tuntun" yìí, rògbòdìyàn 1391 ló sọ ọ̀pọ̀ nínú wọn di bẹ́ẹ̀. Ọmọdé ọmọ ọdún mọ́kànlá ló wà lórí oyè ní Kásítílì nígbà náà, apá ààfin ò sì ká àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì kan tó ń jẹ́ Fẹ̀rándì Mátínẹ́ẹ̀sì, tó ti ń wàásù lòdì sí àwọn Júù ní Sẹ̀fíílì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí àwọn èèyàn dìde, pípa àti ìrìbọmi tipátipá ràn dé Kọ́dóbà, Fàlẹ́ńsíà àti Basẹlónà.

Akọ́mọlédè: Ìdí nìyẹn tí "Onígbàgbọ́ tuntun" fi máa ṣi ọmọ ilé-ìwé lọ́nà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọdún méjì péré, o ti di ògbólógbòó. Ní Sípéènì, ọmọ-ọmọ ẹni tí wọ́n rì bọmi ṣì ni "tuntun". Ní Tòlédò ní 1449, wọ́n ṣòfin pé irú wọn kò gbọdọ̀ dipò mú nínú ìlú, nítorí ẹ̀jẹ̀ Júù tó wà lára wọn. Mo dábàá "ayẹ̀sìnpadà".

Atúmọ̀ láti Ìbàdàn: Ẹ ṣé, mà. Etí mi ń gbọ́ "yẹ̀" níbẹ̀, bí ẹni tó yẹ àdéhùn. Àwọn ọmọ máa rò pé aláìṣòótọ́ ni gbogbo wọn.

Akọ́mọlédè: Ìwọ náà sọ òótọ́. Ohun tí àwọn tó ń dájọ́ ìgbàgbọ́ ní Sẹ̀fíílì láti 1481 sì fi kàn wọ́n nìyẹn. Lo "ọmọ Júù onírìbọmi". Ó gùn, ṣùgbọ́n kò dá wọn lẹ́bi. Àwọn onírìbọmi yìí ni ilé-ẹjọ́ àwọn adájọ́ ìgbàgbọ́ náà wà fún. Kò ní agbára lórí Júù tí kò tíì gba omi.

Àlùfáà olùkọ́ Lárúbáwá: Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n bọ́ sórí "ẹrú ọba". Àwọn Júù yẹn ní ẹgbẹ́ ìlú tiwọn, pẹ̀lú adájọ́ wọn àti àwọn tó ń pín owó orí. "Áljámà" ni wọ́n ń pè é, láti ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tí àwa náà gbà ní mọ́ṣáláṣí tí a fi ń wí pé "jàmọ́ọ̀". Ẹrú wo ló ní adájọ́ tirẹ̀?

Olùkọ́ ìtàn tó ti fẹ̀yìn tì: Ẹ ṣeun, Àlùfáà. Inú òfin ìlú Tẹruẹ́ẹ̀lì ní Sípéènì, ti 1176, ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde, ó sì wúlò láti wo ibi tí ó ti jáde. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa owó ìtanràn tí wọ́n bá ṣe Júù léṣe tàbí pa á. Wọ́n ní owó náà kì í ṣe ti Júù, ti ọba ni, nítorí pé ti ọba àti àpò ọba ni àwọn Júù. Ẹni tó bá lù wọ́n, dúkìá ọba ló bà jẹ́. Àbò ni, ìjánu náà sì ni. Mo fẹ́ "ará ìkáwọ́ ọba". Ọba tó ká wọn mọ́wọ́ lè la ọwọ́ náà sílẹ̀, ohun tí Fẹdinándì ṣe nìyẹn.

Oníṣòwò láti Òṣogbo: Mo gbà fún "ìkáwọ́". Nípa ti owó, mi ò tíì gbà.

Atúmọ̀ láti Ìbàdàn: Mo ti kọ "àṣẹ ìrìbọmi-tàbí-ìjáde" sí orí kẹrin. Ìṣòro mìíràn ti dé. Ọ̀pọ̀ wọn sá lọ sí Pọtogí. Ọba Mánúẹ́lì pàṣẹ ní oṣù kejìlá 1496 pé kí wọ́n jáde. Nígbà tó di 1497, ó gba àwọn ọmọ wọn láti rì wọ́n bọmi. Àwọn tó kó jọ sí Lísíbọ́n láti wọkọ̀, kò jẹ́ kí wọ́n lọ, wọ́n fipá rì wọ́n bọmi. Ìwé náà ṣì ń pe èyí ní "ìlékúrò".

Ọmọ Èjìgbò: Wọ́n ní kí o jáde, wọ́n tún ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ? Èyí kọjá "lé" tèmi o. Ẹ fún mi dọ̀la, kí n bi àwọn àgbà ilé.